₦60,000 fún fídíò mẹ́ta? Ẹ má bínú, ẹ ná ọjà náà

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Ìkàrẹ́ Àkókó fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Kò kí mi, kò béèrè àlàáfíà ilé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kì í ṣe ìwà rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó kọ ò ju, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi wo ìwọ̀sí yìí."

Ìwọ̀sí tó ń wí ni ìwé tí ilé iṣẹ́ kan tó ń ta òróró ìdáná kọ sí i. Wọ́n ní àwọn fẹ́ràn fídíò oúnjẹ tó máa ń ṣe, wọ́n ní ọ̀nà tó ń gbà sọ èdè Àkókó mọ́ Yorùbá gbogbogbòò ń pa àwọn lẹ́rìn-ín, àwọn sì fẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Wọ́n á fún un ní ₦60,000 àti páálí òróró kan. Ó máa ṣe fídíò díẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ èyí tí àwọn òkè àpáta Ọ̀kà á máa hàn lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọbìnrin yìí ti kọ èsì sílẹ̀ kó tó pè mí, Ọlọ́run ló ṣe é tí kò tíì fi í ránṣẹ́. Mo kà á. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gbóná ju epo àkàrà lọ. Ó ní ṣé nítorí pé Ìkàrẹ́ lòun wà, tí òun ò sí l'Ékòó, ni wọ́n ṣe fojú ẹran rírà wo òun. Ní ti ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, òun ní kó tètè gbà á kí wọ́n tó yí ọkàn padà, pé owó tí kò tó ṣì sàn ju kí ọwọ́ òfìfo lọ. Owó ilé ìwé ọmọ sì wà nílẹ̀ tí kò tíì san tán, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Èmi ò gbà pẹ̀lú àwọn méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka ojú ìwé yìí ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń dé bá, láti Ìkàrẹ́ títí dé Ṣakí.

Ẹni tó bá ti ra iṣu lọ́jà Ìkàrẹ́ rí mọ bó ṣe ń lọ. Ìyá oníṣu á pe iye kan, oníbàárà á dá ìdajì rẹ̀ lé e, ìyá á rẹ́rìn-ín, á ní "kò gbà bẹ́ẹ̀ o, ẹ fi kún un." Kò sẹ́ni tó bínú. Kò sì sí ìyá oníṣu kan tí wọ́n á dá owó kékeré lé ọjà rẹ̀, tó máa sọ pé nítorí bẹ́ẹ̀ òun á gbé gbogbo iṣu náà fún oníbàárà kó máa lọ. Ohun tó yàtọ̀ nínú ọjà ìpolówó ni pé oníbàárà ló ń kọ́kọ́ pe iye. Ìyẹn ló ń da àwọn ọmọ wa láàmú. Wọ́n rò pé iye tí ilé iṣẹ́ bá kọ sínú ìwé ti di òfin, àfi kéèyàn gbà á tàbí kó bú wọn. Ibi tí ìyá oníṣu ti ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni àwọn ti ń parí rẹ̀.

Ẹ tún ro ti ẹni tó kọ ìwé náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ọ̀gá. Ọmọ iṣẹ́ bíi tiwa ni, tí ọ̀gá kan gbé iye owó kan lé lọ́wọ́ pé kó fi wá èèyàn mẹ́wàá. Bó bá rí ẹni tó gba ₦60,000, á jẹ pé ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bó bá fẹ́ san jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ ní nǹkan kan lọ́wọ́ tó máa fi han ọ̀gá rẹ̀. Èébú kò ṣe é fi han ọ̀gá. Ìṣirò ṣe é fi hàn án. Nítorí náà, bí ẹ bá ń kọ èsì, ẹ kọ ọ́ bí ẹni tó ń ran ọmọ iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ láti bá yín bẹ ọ̀gá rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ní kí ọmọ yìí ṣe ni pé kó má tíì dárúkọ owó rárá. Kó dúpẹ́, kó sì béèrè ọ̀rọ̀. Torí "fídíò díẹ̀" kì í ṣe iye. Ó kọ ọ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì pé: "Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ kú iṣẹ́. Inú mi dùn pé ẹ rí iṣẹ́ mi. Kí n lè mọ bí n ṣe máa dá yín lóhùn dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, fídíò mélòó ni? Ṣé orí ojú ìwé tèmi nìkan ló máa wà, àbí ẹ̀yin náà fẹ́ lò ó? Fún oṣù mélòó? Ṣé ẹ fẹ́ kí n má polówó òróró ẹlòmíì fún ìgbà kan? Ìgbà wo lẹ máa ń san owó?" Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, nítorí òun ni wọ́n fi kọ̀wé sí i, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Èsì tó padà wá ló là wá lójú. Fídíò mẹ́ta ni: ọ̀kan lórí àkàrà, ọ̀kan lórí dùǹdú, ọ̀kan lórí ọbẹ̀ ata. Ilé iṣẹ́ náà fẹ́ máa lo gbogbo rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, wọ́n á sì máa san owó fún Facebook kí ó lè máa gbé e síwájú àwọn èèyàn. Láàárín oṣù mẹ́fà yẹn kan náà, kò gbọdọ̀ polówó òróró mìíràn. Wọ́n á san owó ní ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tí fídíò kẹta bá ti jáde.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Kì í ṣe pé ₦60,000 kéré nìkan ni. Nǹkan mẹ́rin ni wọ́n fẹ́ fi ₦60,000 rà: iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ fún ìpolówó olóṣù mẹ́fà, òmìnira rẹ̀ láti gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn olóróró yòókù, àti owó àpò rẹ̀ tó máa fi ṣe iṣẹ́ náà tí yóò sì dúró dè fún oṣù kan gbáko. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń jà lórí èyí àkọ́kọ́, wọ́n á sì fi ẹnu ara wọn gba mẹ́ta yòókù lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ojú yẹn ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Télọ̀ kan wà ní Ọ̀kà tí mo mọ̀ dáadáa, ọ̀gá nínú aṣọ òkè rírán. Ilé iṣẹ́ kan fún un ní ₦30,000 kó ṣe fídíò ìṣẹ́jú kan nípa ohun tí wọ́n ń tà. Ó ṣe é, inú rẹ̀ dùn. Ọdún kan lẹ́yìn náà, wọ́n ṣì ń lo fídíò náà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń ta irú ọjà kan náà fẹ́ gbé iṣẹ́ tó nípọn fún un, wọ́n ní àwọn ń rí ojú rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni kejì lójoojúmọ́, báwo ni àwọn ṣe fẹ́ lò ó? Kò sí ibi kankan tí wọ́n ti kọ iye oṣù. Kò béèrè, wọn ò sì sọ.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ọmọ ìpínlẹ̀ Oǹdó níbí ni King Sunny Adé. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, òun àti ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ń gbé àwo rẹ̀ jáde pínyà lórí ọ̀rọ̀ owó, ó sì dá Sunny Alade Records tirẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpínyà yẹn ò parí ọ̀rọ̀, nítorí ta ló ni àwọn orin àtijọ́ wọ̀nyẹn? Ẹjọ́ wọn wà nílé ẹjọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bó bá lè ṣẹlẹ̀ sí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀, àwa ta ni? Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ń pè ní òfin ti 2022, ní kéèyàn tó lè gbé ẹ̀tọ́ iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíì pátápátá, ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Ẹ má sì rò pé WhatsApp kì í ṣe ìwé. Ẹni tí wọ́n bá kọ "gbogbo ẹ̀tọ́ títí ayé" sí, tó wá dáhùn pé "mo gbà sà," ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí agbẹjọ́rò yóò kà lọ́jọ́ iwájú.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí òróró wa. A jókòó, a ṣe ìṣirò ohun tí iṣẹ́ náà á jẹ. Ọmọkùnrin tó máa ń bá a ya fídíò ń gba ₦20,000 lóòjọ́, ọjọ́ méjì ni, ọ̀kan ní Ìkàrẹ́, ọ̀kan ní Ọ̀kà: ₦40,000. Ẹ̀wà, iṣu, ata, àlùbọ́sà, ẹran àti ẹja fún oúnjẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ₦24,000. Ọkọ̀ tó máa gbé ìkòkò, àdògán àti èèyàn mẹ́ta láti Ìkàrẹ́ gba Àkùngbá lọ sí Ọ̀kà, tó máa dúró dè wọ́n, tó sì máa gbé wọn padà: ₦12,000. Ẹni tó máa to fídíò pọ̀ ń gba ₦8,000 lórí ọ̀kan, ₦24,000 nìyẹn. Dátà ₦8,000. Epo jẹnẹrétọ̀ ₦7,000, torí iná kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦115,000.

Èyí já sí pé bó bá gba ₦60,000 gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe wí, ó máa fi ₦55,000 tirẹ̀ kún un láti polówó òróró olóròóró. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ nígbà tó rí i. Ó ní, "Àṣé àwa la fẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ wọn." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Mo fẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ gbọ́ ibí yìí náà. Wọ́n máa ń sọ pé nǹkan ò wọ́n nílé lọ́hùn-ún bíi ti Èkó. Lóòótọ́, owó ilé ò wọ́n tó ti Èkó. Ṣùgbọ́n dátà tí a ń rà ní Ìkàrẹ́, iye kan náà ni wọ́n ń tà á ní Ìkẹjà. Fóònù àti kámẹ́rà tí a fi ń ṣiṣẹ́, Èkó ni wọ́n ti ń gbé e bọ̀, a sì ń san owó ọkọ̀ rẹ̀. Òkè Ọ̀kà tí wọ́n fẹ́ kó hàn nínú fídíò, kò sí l'Ékòó. Bí wọ́n bá fẹ́ nǹkan tí kò sí lọ́dọ̀ tiwọn, kí wọ́n má fi owó ohun tó pọ̀ lọ́dọ̀ wọn díwọ̀n rẹ̀.

Lẹ́yìn ìnáwó, owó ọwọ́ rẹ̀ ló kàn. Ọjọ́ márùn-ún ni iṣẹ́ náà máa gbà á, láti orí kíkọ ohun tó máa sọ dé orí dídá àwọn èèyàn lóhùn lábẹ́ fídíò. Ó ní iye tó ń wọlé fún òun lóòjọ́ nídìí oúnjẹ tó ń tà ò dín ní ₦15,000. Ọjọ́ márùn-ún, ₦75,000. Fi kún ₦115,000, ó di ₦190,000. Ìyẹn ni iye tó jẹ́ pé bí wọ́n bá san án, kò jẹ gbèsè, kò sì ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò tíì ra ẹ̀tọ́ láti máa polówó pẹ̀lú ojú rẹ̀. A wá fi ₦50,000 sí i bí wọ́n bá fẹ́ lò ó fún oṣù méjì, àti ₦40,000 bí wọ́n bá fẹ́ kó sá fún olóróró mìíràn fún oṣù kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦280,000. Kò sí ìwé òfin tó gbé iye méjì ìkẹyìn yìí kalẹ̀ o. Ohun tí mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé, bí olóróró kejì bá wá láàárín oṣù yẹn tó sì ní láti lé e padà, èló ló máa dùn ún pé ó pàdánù? Ibẹ̀ la ti mú un.

Nǹkan kan ṣì kù. Kí ló máa jẹ́ kí wọ́n gbà pé fídíò rẹ̀ tó iye yẹn? Ó kọ́kọ́ fẹ́ kọ ọ́ pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà 310 èèyàn ló wo fídíò òun. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni, ìyẹn ọjọ́ tí òjò bá a nídìí àkàrà tó sì ń fi abọ́ borí. Irú ìyẹn kì í ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kó to fídíò mẹ́wàá tó ṣe gbẹ̀yìn, láti orí èyí tí èèyàn wò jù dé orí èyí tí wọ́n wò kéré jù, kó mú iye tó bọ́ sáàárín. Ó jẹ́ 19,000. Iye yìí ni ilé iṣẹ́ lè gbára lé. Bí ẹ bá fi iye ọjọ́ òjò tan wọ́n, tí fídíò tiwọn wá dé 15,000, ẹ ti di oníjìbìtì lójú wọn. Ó tún ya àwòrán ojú ibi tí TikTok ti ń sọ ìlú tí àwọn tó ń wò ó wà: Èkó ló pọ̀ jù, Àkúrẹ́ àti Ìbàdàn tẹ̀ lé e. Níbi tí wọ́n ti ń ta òróró náà nìyẹn, nítorí náà ó wúlò fún wọn ju ìyìn lọ. Ẹni tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wò ó bá wà ní ìlú òyìnbó, kó má fi ìyẹn ṣe fáàrí níwájú ẹni tí ọjà rẹ̀ ò kọjá Ọ̀rẹ̀.

Èsì tó kọ nígbẹ̀yìn nìyí. Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó gbé e síbí, mo sì yọ orúkọ kúrò:

"Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ ṣeun tí ẹ dáhùn gbogbo ìbéèrè mi. Mo fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, òróró ni mo fi ń dáná lójoojúmọ́, kò sì ní ṣòro fún mi láti sọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Fún fídíò mẹ́ta, tí ọ̀kan wà ní Ọ̀kà, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ láti lò ó fún ìpolówó yín fún oṣù méjì, àti pé n kò ní polówó òróró mìíràn fún oṣù kan, iye mi jẹ́ ₦280,000. Nínú rẹ̀, ₦115,000 jẹ́ ti ayàwòrán, ọkọ̀, èlò oúnjẹ, títo fídíò, dátà àti epo. Èèyàn tó ń wo fídíò mi sábà máa ń tó 19,000. Mo fi àwòrán ibi tí wọ́n wà sí abẹ́ ìwé yìí.

"Bó bá jẹ́ pé ₦60,000 ni ẹ ní lọ́wọ́ báyìí, ó yé mi. Mo lè ṣe fídíò kan, lórí àkàrà, nínú ilé mi ní Ìkàrẹ́, tí mo máa fi fóònù mi yà. Orí ojú ìwé tèmi ló máa wà, a ò sì ní fi kún ìpolówó yín.

"Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, mo fẹ́ kí ìdajì owó wọlé kí n tó ra ọjà, kí ìdajì kejì wọlé láàárín ọjọ́ méje tí fídíò bá jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún jẹ́ kí n mọ̀ bóyá ẹ̀yin lẹ máa gba àṣẹ ARCON àti NAFDAC, àti bóyá ẹ máa yọ owó orí kúrò nínú owó náà. Mo máa fi ààyè ọjọ́ méjì sílẹ̀ fún yín nínú oṣù tó ń bọ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì. Ẹ ṣé púpọ̀ sà."

Ẹ wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sọ pé "ẹ bá mi fi nǹkan kún un," torí ẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Kò sọ pé owó wọn kéré. Kò dárúkọ owó ilé ìwé ọmọ, èyí tí kò kàn wọ́n. Ohun tó sì wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù ni ti ₦60,000 yẹn. Kò lé owó wọn padà, ó kàn gé iṣẹ́ kó lè bá owó náà mu. Fídíò kan nílé, èlò rẹ̀ ò ju ₦13,000 lọ, ₦47,000 á ṣẹ́kù fún iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Ìyẹn ò burú rárá. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni pé wọ́n á gé owó, iṣẹ́ á sì wà bó ṣe wà. Tí ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti sọ fún ilé iṣẹ́ náà pé irọ́ ni iye tí ẹ kọ́kọ́ pè.

Àwọn kan lè ní kí ni ARCON ń wá nínú ọ̀rọ̀ olóúnjẹ Ìkàrẹ́. Òfin ọdún 2022 ló dá àjọ náà sílẹ̀ rọ́pò APCON àtijọ́, ó sì ní kí ìpolówó gba àṣẹ kó tó jáde síta. NAFDAC náà sì ní tirẹ̀ lórí ohun jíjẹ, ohun mímu àti oògùn. Bí wàhálà bá dé, ojú ẹni tó ń dín àkàrà ni gbogbo èèyàn rí nínú fídíò. Ìbéèrè ìlà kan ṣoṣo tó láti mọ ẹni tí iṣẹ́ yẹn wà lọ́rùn rẹ̀. Ti owó orí pẹ̀lú, bí ilé iṣẹ́ bá máa yọ ọ́, ẹ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, torí wọ́n á kà á mọ́ owó orí tí ẹ̀yin fúnra yín jẹ.

Wọn ò dáhùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lẹ́ẹ̀mejì, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà sí mi. Mo jẹ́wọ́ pé ẹ̀rù ba èmi náà. Ọ̀nà yìí lè já, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ lè lọ bá ẹlòmíì tó máa gba ₦60,000, wọ́n máa ń rí i. Mo ti rí ẹni tó pe iye tirẹ̀ padà tí wọn ò sì dá a lóhùn mọ́ títí di òní. Bákan náà, ẹni tó jẹ́ pé èèyàn 800 ló ń wo fídíò rẹ̀ kó má lọ da ìwé yìí kọ kó wá pe ₦280,000. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fi fídíò kan gba páálí òróró, kó fi kọ́ iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ tó bá sì ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó ìforúkọsílẹ̀ kí àwọn tó san tiyín, ẹ má jẹ́ kó gba àkókò yín, olè ni.

Lọ́jọ́ kẹrin, ọ̀gbẹ́ni náà pè é lórí fóònù, Yorùbá ló sì bá a sọ. Ó ní, "Àǹtí, ẹ kú ìṣirò o. Mo gbé ìwé yín fún ọ̀gá wa. Ó ní ₦150,000 ló parí, fún fídíò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Ọmọ náà ò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ó ní òun á pe wọ́n padà lọ́sàn-án. Èyí wù mí, torí ọ̀rọ̀ orí fóònù máa ń yára mú èèyàn gbà. A tún ṣe ìṣirò. Fídíò méjì, àkàrà àti dùǹdú, tí wọ́n máa yà méjèèjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní Ọ̀kà: ayàwòrán ₦20,000, oúnjẹ ₦16,000, ọkọ̀ ₦6,000, títo fídíò ₦16,000, dátà ₦6,000, epo ₦4,000. Ó jẹ́ ₦68,000. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, ₦45,000. Ẹ̀tọ́ ìpolówó oṣù kan dípò méjì, ₦25,000. Àpapọ̀ ₦138,000, ₦150,000 sì kọjá a díẹ̀.

Ó pè wọ́n padà, ó dúpẹ́, ó ní òun gba ₦150,000 tọwọ́tẹsẹ̀, fún fídíò méjì, oṣù kan, láìsí pé òun ń sá fún olóróró mìíràn. Ọ̀gbẹ́ni náà ní ọbẹ̀ ata ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ ata dúró de ìgbà tí owó bá tún jáde, sà." Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn làwọn máa bójú tó àṣẹ ìpolówó, wọ́n á sì yọ owó orí, wọ́n á fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́.

Ó ní kó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan náà kó tó gba kọ́bọ̀. Ó dé lọ́jọ́ Ẹtì, iye oṣù wà níbẹ̀, ọjọ́ ìsanwó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ìdajì owó náà wọlé, wọ́n ti yọ owó orí lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá òun náà lè wà nínú fídíò dùǹdú, mo ní kó béèrè iye tí wọ́n máa san fún un.